Ẹ̀gbẹ́ Dígí Awò Ojú Ọkọ Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yọ ènìyàn kúrò níbi tó wà. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí fún ẹni tí kò mọ̀ mí, á kọ́kọ́ wò mí tìfuratìfura, ṣùgbọ́n fọ́tò ni mò ń sọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlúpéjú ni mo ti ń ṣe é, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ńlá, níbi tí ariwo kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Wọ́n á fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: alága ẹgbẹ́ tó dúró síwájú géètì, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé, ìyá àgbà tó jókòó síwájú aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Èmi á yọ géètì, èmi á yọ aṣọ, èmi á fi ènìyàn náà nìkan sílẹ̀, kí wọ́n lè gbé e sórí ohun tó bá wù wọ́n. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, ojú ènìyàn ni mò ń wò, síbẹ̀ ọjọ́ mìíràn wà tí n kì í bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ.

Irun ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń bẹ̀rù. Awò ojú ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Ẹni tí kò bá rí ọ̀ọ́kán dáadáa, dígí rẹ̀ máa ń nípọn létí, ó sì máa ń mú kí gbogbo ohun tí a bá ti inú rẹ̀ wò kéré sí bó ti rí. Ẹ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa níjọ́ kan. Ìlà ojú rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀bátí, á dé inú dígí, á yà wọ inú lójijì, á tún jáde lábẹ́ férémù, á padà sí ipò rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yà wọlé yẹn àti férémù, àlàfo tín-ín-rín kan máa ń wà. Ohun tó wà nínú àlàfo náà kì í ṣe ara ènìyàn. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ògiri, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ mọ́tò.

Ọ̀lẹ á gba ẹ̀yìn férémù, á gé e yípo, á ní òun ti ṣe tán. Ẹ ó wá rí ènìyàn níwájú ògiri funfun, tí ewé igi máńgòrò ṣì wà nínú dígí rẹ̀. Ẹlòmíràn á da funfun sí gbogbo ojú dígí, onítọ̀hún á wá dà bí afọ́jú. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n gbọ́n ju bó ti yẹ lọ, tí wọ́n á fi àwọ̀ ara dí àlàfo náà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè gún gẹ́rẹ́, títí ìyàwó onítọ̀hún á fi sọ pé òun kò mọ ọkùnrin yìí rí. Èyí tó tọ́ ni pé kí o fa ìlà yí àlàfo náà ká lọ́tọ̀, kí o mú ohun àtijọ́ kúrò níbẹ̀ kí ohun tuntun lè ti ibẹ̀ hàn, kí o sì dá dídán dígí náà padà fẹ́ẹ́rẹ́ sórí rẹ̀, kí ojú lè mọ̀ pé dígí wà níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yà, jẹ́ kó yà. Bí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ awò ojú yìí náà ló jẹ́ kí n mọ ọkọ mi. Ilé ìtẹ̀wé wa ló ń ṣe káàdì ìdánimọ̀ fún ilé ìkẹ́rùsí kan tí kò jìnnà sí wa, akọ̀wé ẹrù ló sì jẹ́ níbẹ̀ nígbà náà. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé káàdì rẹ̀ lé orí tábìlì mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe èyí?"

Mo wò ó. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kí n tó dé ti da funfun sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Mo ní kì í ṣe èmi.

"Máígádì ò jẹ́ kí n wọlé láàárọ̀," ló wí. "Ó ní afọ́jú ló ni káàdì, pé èmi ríran, pé kí n lọ dá a padà fún un."

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kó jókòó, mo tún un ṣe níṣojú rẹ̀. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà débi pé mo ń gbọ́ òórùn ọṣẹ ara rẹ̀, nítorí bí kò bá sún mọ́ nǹkan kì í rí i. Dígí rẹ̀ nípọn bí ìdí ife. Nígbà tí mo parí, ó ní òun kò rí ẹni tó jókòó tẹjú mọ́ ojú òun báyẹn rí. Lọ́jọ́ kejì ó mú bọ̀lì àti ẹ̀pà wá. Mo jẹ bọ̀lì náà. Ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, ó rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun. Àwa méjèèjì la jọ sunkún, àwa méjèèjì la jọ dì í lẹ́rù. Èmi padà sí yàrá mi ní Agége, yàrá kan ṣoṣo tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, tó jẹ́ pé òórùn búrẹ́dì ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá mi ti kú. Bàbá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, etí rẹ̀ kò gbọ́ fóònù mọ́. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, n kì í tan iná kíákíá, nítorí bí mo bá tan iná, mo máa rí i pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Obìnrin tó ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún kò ní sọ irú rẹ̀ ládùúgbò wa, àfi bó bá fẹ́ kí wọ́n máa fi ṣàdúrà fún òun.

Ohun tí mo ní ni ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ náà ló máa ń pè mí, á sì máa ṣàpèjúwe pálọ̀ rẹ̀ fún mi. Àga tó jókòó sí, bó ṣe rọ̀. Fèrèsé ńlá tó kọjú sí ojú pópó. Iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo rẹ̀. Mo mọ pálọ̀ yẹn ju yàrá mi lọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́, bí mo bá jẹun tán, mo máa ń dúbúlẹ̀, mo máa ń fi ọkàn gbé ara mi lọ síbẹ̀, mo máa ń jókòó tì í lórí àga náà.

Ìwé rẹ̀ ní ìlú tó lọ kò tíì gún tó bẹ́ẹ̀ tó lè wálé kí ó sì tún padà. Àwọn ẹbí ní wọn kò lè máa wò mí níran. Wọ́n ní kí a so yìgì, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe aṣojú rẹ̀ níwájú àlùfáà, kí wọ́n sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga ọkọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún ẹni tó wà lájò. Mo gbà. Ta ni èmi tí n kò ní gbà?

Ìyá rẹ̀ ni kò gbà. Màmá ń ta ìfun àti àbọ́dí ní ọjà ẹran Oko Ọba, obìnrin tó máa ń ti ẹ̀gbẹ́ màlúù kọjá bí ẹni tó ń ti ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́ kọjá. Wọ́n wá bá mi níbi iṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n jókòó, wọ́n tú ìbòrí wọn, wọ́n tún un wé.

"Ìyàwó wa," ni wọ́n wí, "mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn. Òkú ni wọ́n ń fi sínú férémù gbé sórí àga."

"Màmá, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí gbogbo ènìyàn máa ṣe é. Ọmọ tèmi ò kú. Mo fẹ́ kó dúró. Kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, bó ṣe ga gan-an. Ṣé ẹ ò lè ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni? Obìnrin tó di páálí ọṣẹ mú, tó ń rẹ́rìn-ín."

Ọ̀gá mi, ará Èkìtì kan tí kì í fi iṣẹ́ tọrẹ, ti gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní ó ṣeé ṣe. A ó tẹ fọ́tò náà bó ṣe ga gan-an sórí sítíkà, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóòmù bọ́ọ̀dù tó le, a ó sì fi ọ̀bẹ gé e yí ara rẹ̀ ká, kí ó má ku nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ní òun á fi gbogbo rẹ̀ ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún mi. Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gé e, kí n má fi ọwọ́ ara mi gé ọkọ mi.

Mo ní rárá. N kò lè ronú pé ẹlòmíràn á dé ibi awò ojú yẹn, á da funfun sí i.

Mo kọ̀wé sí ọkọ mi pé kí ó wọ aṣọ tí mo rán sí i, búbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ sánmà pẹ̀lú fìlà rẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n yà á láti orí dé ẹsẹ̀, kí ó sì fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́ kó má baà fún pọ̀ lójú ọ̀nà. Fọ́tò náà dé. Ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ bá a mu. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pálọ̀ wà: ògiri aláwọ̀ mílíìkì, fèrèsé ńlá, àga gígùn, òdòdó nínú ìkòkò. Mo wò ó títí. Mo pe ọ̀gá wá wò ó. Mo fi ránṣẹ́ sí Màmá, Màmá sì gbé e kiri gbogbo ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́ran.

Lẹ́yìn tí mo ti fi ojú ìyàwó wò ó tán, mo wá fi ojú iṣẹ́ wò ó. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi. Etí aṣọ rẹ̀ ti mú jù, bí ohun tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé. Fèrèsé wà ní ọ̀tún, ṣùgbọ́n òkè orí ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ sí ojú rẹ̀, òjìji imú rẹ̀ balẹ̀ sórí ètè. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti fi áàpù inú fóònù pààrọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò náà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá pálọ̀ rẹ̀ dọ̀tí lọ́jọ́ náà, bóyá aṣọ wà nílẹ̀, ọkùnrin ṣáà ni. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdajì iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Mo bẹ̀rẹ̀ láti bàtà, nítorí mo máa ń fi ojú ṣe ìgbẹ̀yìn. Mo gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mo gba àárín apá àti ìhà, mo dé èjìká, mo yí fìlà ká. Pálọ̀ náà ń ṣí kúrò lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wá fa ojú rẹ̀ sún mọ́ mi títí awò náà fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà.

Ògiri aláwọ̀ mílíìkì kò sí nínú dígí.

Áàpù yẹn kò mọ awò. Ó rí férémù, ó ní ara ènìyàn ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a. Nínú àlàfo tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ní ọ̀tún àti ní òsì, ibi tó dúró sí gan-an ṣì wà níbẹ̀. Kò pọ̀. Àwọ̀ búlúù kan tó nà ró gbọọrọ, àti àwọ̀ ọsàn kan tó dábùú rẹ̀. Nínú dígí kejì, àwọ̀ ọsàn náà tún dábùú ní déédéé ibi kan náà, eérú-eérú sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn kò ní mọ ohun tó jẹ́. Èmi, Ìlúpéjú ni mo ti ń jẹun. Kò sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní sàkáání wa tí n kò tíì wọ̀ láti ya fọ́tò òṣìṣẹ́ fún káàdì. Mo mọ ráàkì onírin tí wọ́n ń to ẹrù sí dé òrùlé: òpó rẹ̀ búlúù, ìdábùú rẹ̀ àwọ̀ ọsàn, kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù lè rí i látòkèèrè. Iwájú irú rẹ̀ gan-an ni mo ti ya fọ́tò àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ mi nígbà kan. Kò sí ẹni tó ń tò ó sí pálọ̀. Kò sí ẹni tó ń tò ó sí ọ́fíìsì.

Mo jókòó. Ẹ̀rọ ńlá ń dún lẹ́yìn ògiri. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá rí i. Inú bí mi. Kì í ṣe ti iṣẹ́ ẹrù gbígbé. Bó bá sọ fún mi pé ilé ìkẹ́rùsí lòun tún bára òun, mo máa kí i kú iṣẹ́. Pálọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Mo ti jókòó sórí àga yẹn lálaalẹ́. Bí pálọ̀ kò bá sí, ọ̀dọ̀ ta ni mo wà láti ọjọ́ yìí? Yìgì ti sún mọ́lé, mo sì fẹ́ fẹ́ ẹni tí n kò mọ ibi tó ń gbé.

Ọ̀gá wọlé, ó bá mi níbẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Kí ló kù?"

"Dígí ló kù."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló máa rí i? Àbí kí o da funfun sí i."

Bí mo bá fi í sílẹ̀, mo gbé irọ́ rẹ̀ síta fún ẹni tó bá lójú, bí kò tilẹ̀ sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó máa mọ̀ ju èmi lọ. Bí mo bá da funfun sí i, mo fọ́ ọ lójú níwájú ìyá rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ìwé ni, mo máa yọ ohun àtijọ́, mo máa jẹ́ kí ohun tuntun hàn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù ni èyí, kò ní ẹ̀yìn mìíràn ju ibi tí wọ́n bá gbé e sí lọ. Ọ̀nà kan ló kù: kí n fi ọ̀bẹ lu àlàfo náà já.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì gígùn, mo gé ara rẹ̀ yípo. Mo fi abẹ tuntun sí ẹnu ọ̀bẹ. Bó ṣe ga gan-an yẹn, àlàfo náà kò ju ìbú èékánná ọmọ-ńdinrín lọ. Mo gé e lọ́tùn-ún, mo gé e lósì, tìṣọ́ratìṣọ́ra, kí n má baà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n má baà já férémù. Kékeré kékeré ni àwọ̀ ọsàn náà jábọ́ sílẹ̀. Ojú mi kún fún omi, ṣùgbọ́n a kì í sunkún ká má ríran. Nínú dídán dígí rẹ̀, mo fi etí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lára férémù.

Ó kù kí a gbé e dúró, ká wò ó bóyá ó máa ṣubú. Kò sí àyè ní yàrá iṣẹ́ mi, mo bá gbé e lọ sí stóò, mo fi ara rẹ̀ ti ìjókòó kan, mo fà sẹ́yìn. Ó dúró. Ó ga bó ṣe ga. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wá wo awò rẹ̀. Àwọ̀ ọsàn wà nínú dígí rẹ̀.

Ráàkì tiwa ló wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí a ń to bébà sí. Mo ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọdún tí mo ti débẹ̀. Irin kan náà ni, búlúù kan náà, ọsàn kan náà, ó ń ti ihò tí mo fi ọwọ́ ara mi lu hàn, ó sì bá a mu ju pálọ̀ yẹn lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín, n kò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo na ọwọ́ tí fóònù wà, mo ya àwa méjèèjì pẹ̀lú ráàkì lẹ́yìn wa. Mo fi ránṣẹ́ sí i. N kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ó pè.

"Ibo nìyẹn?" ló béèrè.

"Stóò wa ni."

Mo ń gbọ́ ohun kan tó ń dún *píì, píì* lẹ́yìn rẹ̀, bí ọkọ̀ agbẹ́rù tó ń fà sẹ́yìn. N kò gbọ́ ọ rí bó bá pè mí. Àṣé ó máa ń jáde síta kó tó pè mí.

"O ti rí i," ló wí.

"Mo ti rí i. Nínú dígí awò rẹ ló wà."

"Mo wo fọ́tò yẹn dáadáa kí n tó fi ránṣẹ́. Mo wo bàtà, mo wo abẹ́ apá."

"O ò wo awò."

"Èmi tí mò ń wọ̀ ọ́ kì í rí i."

Mo ní, "Pálọ̀ wo lo wá ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Pálọ̀ ti onílé ni. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwa mẹ́ta la wà ní yàrá ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ò kárí. Ẹni tó bá lọ síṣẹ́ alẹ́, èkejì á sùn síbi tirẹ̀. Bí mo bá dé, wọ́n ti lọ. Bí wọ́n bá dé, mo ti lọ."

"Tó o bá fẹ́ purọ́ pálọ̀, ṣebí o lè lọ síta, kí o dúró níwájú ilé ẹlòmíràn. Kí ló gbé ẹ lọ yà á níbi iṣẹ́?"

"Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ẹni tó lè bá mi di fóònù mú," ló wí.

Gbogbo èébú tí mo ti tò sílẹ̀ dà nù lẹ́nu mi. Ó sọ bó ṣe rọ́ aṣọ tí mo rán sí i sínú báàgì, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó wọ̀ ọ́ ní àsìkò ìsinmi láàárín páálí, ó sì bẹ ẹni tí wọn kò jọ gbọ́ èdè ara wọn pé kó bá òun ya fọ́tò ìgbéyàwó. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo dá wà nínú àwa méjèèjì. Mo tilẹ̀ ti ń jowú rẹ̀ nítorí àga kan.

"O yẹ kó o ti sọ fún mi," ni mo wí.

"Mo fẹ́ kí o ní ibi dáadáa tí wàá máa rò mí sí."

A so yìgì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà mí fún un níwájú àlùfáà. Bọ́ọ̀dù náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí Màmá ti fẹ́, àwọn ènìyàn sì ń wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tàwàdàtàwàdà. Màmá mú etí ìbòrí wọn, wọ́n fi nu eruku kúrò lójú rẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Wọ́n ní, "Òun gan-an nìyí. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń ya wọ inú awò yẹn, ẹ ò bà á jẹ́." N kò sọ ohunkóhun fún wọn nípa pálọ̀. Wọ́n ṣì ń fi fọ́tò rẹ̀ han àwọn ẹlẹ́ran.

Wọ́n mú mi lọ sílé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀dù náà wọlé ṣíwájú mi, nítorí ọkọ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo padà sí yàrá mi, mo fi í sílẹ̀ fún Màmá, torí wọ́n ti mọ́ ọn lára láti máa kí i bí wọ́n bá ti ọjà dé.

Kò yọ nǹkan kan kúrò lẹ́yìn fọ́tò mọ́. Ó máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ bí wọ́n bá ṣe rí: bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, bàtà iṣẹ́ onírin, ráàkì tó ga dé òkè. Mo máa ń wò wọ́n. N kì í tún wọn ṣe. Lálẹ́, bí mo bá jẹun tán tí mo dúbúlẹ̀, ọkàn mi máa ń fẹ́ lọ bá a bó ti máa ń lọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì yẹn kò gbà ju ẹnì kan lọ, òun gan-an sì ní láti dìde fún ẹlòmíràn. Nígbà tó ń purọ́ fún mi, mo máa ń débẹ̀ kí n tó sùn. Mo ti mọ ibi tó wà báyìí. Ó jìnnà.